Fáìlì iwájú lọ́tọ̀, fáìlì ẹ̀yìn lọ́tọ̀: báwo la ṣe ń to ojú-ìwé wọn pọ̀ kí 2 lè tẹ̀ lé 1?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sójú méjèèjì bébà, nọ́ńbà sì wà nísàlẹ̀ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan láti 1 títí dé 80. Mo gbé e fún ẹnì kan pé kó bá mi yà á sínú kọ̀ǹpútà. Sikánà tiẹ̀ kì í rí ju ojú kan lọ. Ó kó gbogbo bébà sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ya iwájú tán, ó wá dojú gbogbo òkìtì náà délẹ̀, ó sì ya ẹ̀yìn.

Fáìlì méjì ló fi ránṣẹ́ sí mi, iwaju.pdf àti eyin.pdf. Nínú ti iwájú, 1, 3, 5 ni mò ń rí. Nínú ti ẹ̀yìn, 80 ló ṣáájú, 78 tẹ̀ lé e, ó ń bọ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí dé 2. Ojú-ìwé 39 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kó di fáìlì kan ṣoṣo téèyàn lè kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé dandan ni kí n máa fọwọ́ fà wọ́n sípò lọ́kọ̀ọ̀kan?

Atẹ̀wé_Kíákíá

Kò le rárá. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan títẹ̀ sójú méjèèjì, kẹ́ ẹ sì yan ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò yí bébà náà fúnra rẹ̀. Tí tiyín kò bá lè yí i, ẹ tẹ iwájú tán, ẹ dá bébà náà padà sínú ẹ̀rọ, ẹ wá tẹ ẹ̀yìn.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣé gan-an, àmọ́ n ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Bébà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti fẹ́ kí fáìlì méjèèjì wọnú ara wọn, kí 2 tẹ̀ lé 1, kí 4 tẹ̀ lé 3.

Ẹ̀rọ_Lọmọ

Akọ̀wé, ẹ má fọwọ́ fa ohunkóhun. Ẹ gba PDFsam Basic sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí apá tó ń jẹ́ `Alternate Mix`. Ẹ kọ́kọ́ ju iwaju.pdf sí i, kẹ́ ẹ tó ju eyin.pdf sísàlẹ̀ rẹ̀. Lórí ìlà eyin.pdf, ẹ sàmì sí `Reverse`, torí pé ìkẹyìn ló ṣáájú nínú rẹ̀. Ẹ wá sọ pé kó ṣiṣẹ́. Yóò mú ojú-ìwé kan níbí, yóò mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí tí wọ́n á fi tán.

Ẹ má gbàgbé àmì `Reverse` yẹn o. Tí kò bá sí níbẹ̀, 80 ni yóò tẹ̀ lé 1.

Ní ti pé bóyá nǹkan sọnù, iye méjèèjì dọ́gba, 39 àti 39, kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ kàn wo ojú-ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Tí wọ́n bá ti pé, iṣẹ́ parí.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ó ṣiṣẹ́! 1, 2, 3, 4 ló bẹ̀rẹ̀, 79 àti 80 ló parí rẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo tún ti padà. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ kà á dé àárín, ó ní ọ̀rọ̀ kò tẹ̀ léra mọ́. Mo wò ó, òótọ́ ni. Lẹ́yìn 16, 19 ló kàn, lẹ́yìn náà 18, lẹ́yìn náà 21, lẹ́yìn náà 20, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 33 àti 32. Nígbà tó dé 35, ó tún dára padà, 36 tẹ̀ lé e, kò sì sí wàhálà mọ́ títí dé òpin. N ò rí ojú-ìwé 17 níbì kankan. Ṣé PDFsam ló dà á rú ni?

Olùtọ́jú_Ìwé

Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà. PDFsam ò ṣe yín ní nǹkan kan, ohun tẹ́ ẹ fún un náà ló tò. Inú fáìlì méjèèjì ni àléébù ti wá, iye tó dọ́gba ló sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ojú-ìwé 80 tí wọ́n tẹ̀ sójú méjèèjì jẹ́ bébà 40. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ìbá ní 40, àmọ́ 39 ló ní. Ojú kan ti sọnù níwájú, ojú kan sì ti sọnù lẹ́yìn. Ìdí tí iye wọn fi dọ́gba nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n pé, ṣe ni wọ́n jọ dín.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹ̀rọ fa bébà méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ sikánà olójú kan ò lè mọ̀ pé òmíràn wà lẹ́yìn èyí tó ń wò. Nígbà tí wọ́n ń ya iwájú, bébà kẹsàn-án lẹ̀ mọ́ ìkẹjọ: ẹ̀rọ rí 15, kò rí 17. Nígbà tí wọ́n ń ya ẹ̀yìn, láti ìkẹyìn ni bébà ti ń wọlé, bébà kẹtàdínlógún sì lẹ̀ mọ́ ìkejìdínlógún: ẹ̀rọ rí 36, kò rí 34.

Ẹ wá wo bó ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ tò wọ́n pọ̀. Bébà mẹ́jọ àkọ́kọ́ bára mu. Láti ipò kẹsàn-án, iwájú ti fi bébà kan ṣáájú ẹ̀yìn, torí náà 19 bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 18, 21 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 20. Nígbà tó dé ipò kẹtàdínlógún, ẹ̀yìn náà fo bébà kan, ló bá bá iwájú dọ́gba. Àṣìṣe kejì pa ipa àkọ́kọ́ rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ fi dára, tí òpin náà fi dára, tó sì jẹ́ àárín nìkan ló dàrú. Ẹni tó bá wo ojú-ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nìkan kò ní rí i láé.

Àmì kan wà níbẹ̀ ṣá. Ẹ ṣí fáìlì tẹ́ ẹ tò, kẹ́ ẹ lọ sópin. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà yóò sọ pé 80, àmọ́ ètò tẹ́ ẹ fi ń kà á yóò pè é ní ojú-ìwé 78. Méjì tí wọ́n fi jìnnà síra yẹn ni méjì tó sọnù.

Ẹ̀rọ_Lọmọ

Àlàyé yìí yé mi, mo sì gbà á. Iye tó dọ́gba kò tó, iye bébà gangan ló yẹ ká fi wé e. Àmọ́ mo fẹ́ béèrè: tó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló dín, tí iwájú pé 40, ṣé kì í ṣe pé ètò yóò kígbe pé iye kò bára mu?

Olùtọ́jú_Ìwé

Kò ní kígbe. pdftk àti qpdf, àwọn ètò tí mo máa ń kọ àṣẹ fún, tí fáìlì kan bá tán, wọ́n á kàn máa mú nínú èyí tó kù, wọn ò ní sọ ohunkóhun. Tó bá jẹ́ pé ojú 34 nìkan ló sọnù, 33 yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 36, 35 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 38, yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, 79 yóò sì dá wà ní òpin láìní ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló sọnù, òpin á tú àṣírí. Tó bá jẹ́ ọ̀kan níhà kọ̀ọ̀kan, bíi ti Akọ̀wé, òpin kò ní sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, kí n tó to ohunkóhun pọ̀, mo máa ń fọwọ́ ka bébà, mo sì máa ń béèrè iye lọ́wọ́ fáìlì:

```
qpdf --show-npages iwaju.pdf
qpdf --show-npages eyin.pdf
```

Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá iye bébà tó wà nílẹ̀ mu. Kí wọ́n bá ara wọn mu nìkan kò tó.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Mo ti ka bébà. 40 ni lóòótọ́. Ẹ̀dùn ọkàn ni, àmọ́ ó kéré tán mo ti mọ ibi tó ti wá. Ṣé kí n ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yà ni?

Olùtọ́jú_Ìwé

Kò pọn dandan. Bébà wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà sì wà lójú-ìwé. Ẹ ó wá ibi tó ti já, ẹ ó ya ojú méjì péré, ẹ ó sì fi wọ́n síbi tó yẹ.

Ẹ má to ibẹ̀ nínú fáìlì tẹ́ ẹ ti dà pọ̀ o. Ẹ padà sínú iwaju.pdf àti eyin.pdf. Nínú iwaju.pdf, ipò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó yẹ kó wà níbẹ̀: ẹ fi méjì lọ́po ipò náà, kẹ́ ẹ yọ ẹyọ kan kúrò. Ẹ lọ sí ipò 20, 39 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ẹ ó rí 41, ó túmọ̀ sí pé ó ti já ṣáájú ibẹ̀. Ẹ lọ sí ipò 10, 19 ló yẹ, ẹ ó rí 21. Ẹ lọ sí ipò 5, ẹ ó rí 9, ó pé. Ipò 8 yóò fi 15 hàn yín, ó pé. Ipò 9 yóò fi 19 hàn dípò 17. Ibẹ̀ ló ti já. Ẹ rí i pé ẹ ò ní láti ṣí gbogbo rẹ̀.

Nínú eyin.pdf, 80 ló wà ní ipò kìíní, ó sì ń fi méjì-méjì dín. Ẹ yọ ìlọ́po méjì ipò náà kúrò nínú 82. Ipò 20 yóò jẹ́ 42, ó pé. Ipò 23 yóò jẹ́ 36, ó pé. Ipò 24 yẹ kó jẹ́ 34, ẹ ó bá 32 níbẹ̀.

Ẹ ya ojú 17 sí fáìlì oju17.pdf, kẹ́ ẹ ya ojú 34 sí oju34.pdf. Lẹ́yìn náà:

```
qpdf --empty --pages iwaju.pdf 1-8 oju17.pdf 1 iwaju.pdf 9-39 -- iwaju2.pdf
qpdf --empty --pages eyin.pdf 1-23 oju34.pdf 1 eyin.pdf 24-39 -- eyin2.pdf
qpdf --collate --empty --pages iwaju2.pdf 1-z eyin2.pdf z-1 -- odindi.pdf
```

`--collate` ló ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú fáìlì méjèèjì. `z` ni ojú-ìwé tó kẹ́yìn, torí náà `z-1` ń ka eyin2.pdf láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pdftk, èyí náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà:

```
pdftk A=iwaju2.pdf B=eyin2.pdf shuffle A Bend-1 output odindi.pdf
```

Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ àṣẹ, PDFsam tí Ẹ̀rọ_Lọmọ júwe dára fún ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn.

Ìyá_Olùkọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ tèmi bọ̀ ọ́. Lẹ́tà tí bàbá mi fọwọ́ kọ ni mò ń tọ́jú. Kò sí nọ́ńbà lójú-ìwé kankan. Ó kọ ẹ̀yìn àwọn kan, ó sì fi ẹ̀yìn àwọn mìíràn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Bébà 26 ni mo kà, iwájú jẹ́ 26, àmọ́ ẹ̀yìn jẹ́ 19. Ó dá mi lójú pé bébà kankan kò lẹ̀ mọ́ òmíràn, torí lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fi wọ́n sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ_Lọmọ

Ìyá wa, ẹ wo ètò sikánà yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹ ti ní kó máa fo ojú-ìwé tó bá ṣófo. Ẹ̀yìn tí bàbá kò kọ nǹkan sí, ẹ̀rọ ti jù wọ́n nù. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún ẹ̀yìn nìkan yà.

Olùtọ́jú_Ìwé

Ẹ̀rọ_Lọmọ gbà á síbi tó yẹ. Ojú tó ṣófo ṣe pàtàkì púpọ̀ nígbà tí iwájú àti ẹ̀yìn bá wà lọ́tọ̀, òun ló ń di ipò bébà rẹ̀ mú. Ìyá, ẹ jẹ́ kí òfìfo wọnú fáìlì, ẹ tò ó pọ̀ tán, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó yọ èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́.

Ní ti nọ́ńbà tí kò sí, ara bébà fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Ibi tó ya lókè lápá ọ̀tún níwájú, apá òsì lókè ni yóò wà nígbà tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn bébà kan náà. Ihò tí wọ́n lu sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì yóò bọ́ sí ọ̀tún. Bébà tó fẹ́lẹ́ sì máa ń jẹ́ kí yíǹkì iwájú hàn ráńpẹ́ lẹ́yìn, bí ẹni wo lẹ́tà nínú dígí. Ẹ gbé iwájú àti ẹ̀yìn síra wọn lójú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wo àwọn àmì yìí ní bébà bí mẹ́rin sí márùn-ún káàkiri, pàápàá ní àárín. Tí wọ́n bá bára mu níbi gbogbo, ẹ lè máa lọ.

Ìyá_Olùkọ́

Òótọ́ ni, ètò yẹn ti wà ní títàn láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí. Mo ti pa á. Ẹ̀yìn ti di 26 báyìí. Àmọ́ gbogbo ẹ̀yìn ló dojú dé, orí wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè.

Olùtọ́jú_Ìwé

Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà yí bébà ló fà á. Tẹ́ ẹ bá yí i láti òkè wá sísàlẹ̀ dípò láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, orí á di ìsàlẹ̀. Ẹ ò ní láti tún un yà. Ẹ yí gbogbo ẹ̀yìn kó tó di pé ẹ tò ó:

```
qpdf --rotate=+180:1-z eyin.pdf eyin-dide.pdf
```

Ìbéèrè kan ṣáá, ìyá: nígbà tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀yìn sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti bébà kìíní lẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí láti ìkẹyìn?

Ìyá_Olùkọ́

Láti bébà kìíní. Mo tò wọ́n padà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Olùtọ́jú_Ìwé

A jẹ́ pé tiyín kò gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹ má kọ `z-1`, ẹ kọ `1-z` sí fáìlì méjèèjì. Nínú PDFsam, ẹ má sàmì sí `Reverse`. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló máa ń wá láti òpin, òkìtì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lódindi ló ń rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó yan ọ̀kan, kó ṣí ojú àkọ́kọ́ nínú fáìlì ẹ̀yìn, kó béèrè pé ẹ̀yìn bébà wo nìyí, kìíní tàbí ìkẹyìn?

Àwòrán_Lásán

Tèmi kì í ṣe PDF rárá, fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nínú fódà méjì, iwaju àti eyin. Nígbà tí mo kó wọn pọ̀, 10 ló tẹ̀ lé 1, 2 wá tẹ̀ lé 19. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Olùtọ́jú_Ìwé

Rárá, tiyín yàtọ̀. Orúkọ fáìlì ló dà á rú: kọ̀ǹpútà ń tò wọ́n bí ẹni to ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀, ó ń wo 1 tó wà níwájú 10 kó tó wo 2. Ẹ fún wọn ní orúkọ tí gbogbo rẹ̀ ní iye nọ́ńbà kan náà, bíi 001, 002, 010, yóò tò dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fódà kọ̀ọ̀kan di PDF kan, ẹ ó lè ṣe bí àwa yòókù. Ẹ ka iye fọ́tò inú fódà méjèèjì pẹ̀lú bébà o.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Mo ti jábọ̀. Gbogbo ipò tẹ́ ẹ sọ ni mo bá gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Mo ya 17 àti 34, mo fi wọ́n sípò, odindi.pdf sì jẹ́ 80. Mo ṣí 16, 17, 18, mo tún ṣí 33, 34, 35, gbogbo wọn tẹ̀ léra. Mo ti ní kí ìgbìmọ̀ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́fà mìíràn ṣì ń bọ̀ lọ́nà, òmíràn ju ojú-ìwé 300 lọ. Kí ni kí n sọ fún ẹni tó ń bá mi yà á kó má bàa tún ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀rọ_Lọmọ

Kó tú bébà kúrò lára ara wọn dáadáa kó tó kó o sẹ́nu ẹ̀rọ, kó sì yọ gbogbo pín-ìn-nì. Ojú ihò pín-ìn-nì ni bébà ti sábà máa ń há mọ́ra. Tó bá lè rí sikánà tó ń ya ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló dára jù lọ, ọ̀rọ̀ títò yóò kúrò nílẹ̀ pátápátá.

Olùtọ́jú_Ìwé

Tí sikánà olójú kan náà bá ni, ẹ ní kó pín in sí bébà ogún-ogún. Kó ya iwájú ogún, kó ya ẹ̀yìn ogún náà, kó tó kan ogún mìíràn. Ẹ ó to ìdì kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tó so àwọn ìdì náà mọ́ra. Tí bébà méjì bá lẹ̀ pọ̀, inú ìdì yẹn nìkan ni yóò ti dàrú, kò ní ba 300 jẹ́.

Ẹ̀rọ_Lọmọ

Fáìlì yóò pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n. Bébà 150 túmọ̀ sí fáìlì mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó ń yà á lè fún méjì ní orúkọ kan náà, tàbí kó pa iwájú ìdì kan pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìdì mìíràn. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kéèyàn wá ojú kan tó sọnù lọ. Tí nọ́ńbà bá wà lójú-ìwé, kó yà á lẹ́ẹ̀kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa.

Olùtọ́jú_Ìwé

Ewu orúkọ yẹn wà lóòótọ́, n ò jiyàn rẹ̀. Níbi tí nọ́ńbà bá wà, mo lè gbà pẹ̀lú rẹ. Níbi tí kò bá sí, bíi lẹ́tà ìyá wa, n ò ní gbà kí ìdì kan ju ogún lọ, torí ibi tó ti já kò ní ṣeé fi ìṣirò wá.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Méjì nínú ọdún mẹ́fà yẹn ni kò ní nọ́ńbà. Màá ní kó ṣe àwọn yẹn ní ogún-ogún, kó sì kọ nọ́ńbà ìdì sórúkọ fáìlì: idi01-iwaju, idi01-eyin. Àwọn mẹ́rin tó ní nọ́ńbà, màá ní kó yà wọ́n lódindi. Màá kọ iye bébà tí mo kà fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, tí fáìlì rẹ̀ kò bá ti tó iye yẹn, n ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.